Bí a ṣe ń mọ èrè tó dájú lórí bọ́ǹdì tí wọ́n lè pè padà, tí a sì rà ju iye ojú rẹ̀ lọ

Ká ní bọ́ǹdì kan wà lọ́jà tí iye ojú rẹ̀ jẹ́ 100. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n sì ń san án, ìyẹn ni pé 4 ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku ọdún 10 gbáko kó parí. Èlé tí wọ́n ń san lórí bọ́ǹdì tuntun ti wálẹ̀ gan-an báyìí, nítorí náà àwọn tó ń wá èlé ńlá ti du bọ́ǹdì yìí títí owó rẹ̀ fi gòkè dé 110. Lójú ẹ̀rọ alágbàtà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé YTM rẹ̀ jẹ́ 6.62%.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ló gbé e dúró: pé ẹni tó yáwó yóò jẹ́ kí bọ́ǹdì náà wà títí ọdún kẹwàá yóò fi pé. Bí ìwé àdéhùn bá fún un láyè láti pe bọ́ǹdì náà padà, ìyẹn ni pé kó dá owó yín padà kí ọjọ́ tó pé, ọwọ́ rẹ̀ ni 6.62% yẹn wà. Kò sí lọ́wọ́ yín.

YTM ni ìwọ̀n èrè ọdọọdún tí ẹ ó jẹ bí ẹ bá di bọ́ǹdì mú dé ọjọ́ ìparí. YTC ni ìwọ̀n èrè tí ẹ ó jẹ bí wọ́n bá pè é padà ní ọjọ́ kan tí àdéhùn dárúkọ. Ìṣirò kan náà ni méjèèjì. Ohun méjì péré ló ń yí padà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí owó yóò padà wá, àti iye tí wọn yóò san lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá tábìlì ìpèpadà nínú ìwé àdéhùn

Ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sójú ẹ̀rọ pé bọ́ǹdì náà ṣeé pè padà. Inú ìwé tí wọ́n fi gbé bọ́ǹdì náà jáde ni àlàyé wà. Ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lè pè é, iye tí wọn yóò san ní ọjọ́ ìpèpadà kọ̀ọ̀kan, bóyá ọjọ́ èlé nìkan ni wọ́n lè pè é tàbí ọjọ́ èyíkéyìí lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe ìfilọ̀ ṣáájú. Fún bọ́ǹdì tiwa yìí, ká ní tábìlì náà rí báyìí: lẹ́yìn ọdún 3, wọ́n lè pè é ní 102, lẹ́yìn ọdún 4, ní 101, láti ọdún 5 lọ, ní 100 gééré.

Ọjọ́ tí ẹ̀yin rà á ni kí ẹ fi ka ọdún, ẹ má fi ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde kà á. Bọ́ǹdì ọdún 15 tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 5 sẹ́yìn, tí àdéhùn rẹ̀ sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ pè é kó tó pé ọdún 8, ọdún 3 péré ló kù fún ẹni tó ń rà á lónìí. Ẹlòmíràn yóò ka ìwé yẹn, yóò rí “ọdún 8”, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Irú ìpèpadà mìíràn tún wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kó pọ̀ mọ́ èyí. Nínú rẹ̀, wọn kì í dárúkọ iye kan pàtó. Ẹni tó yáwó yóò ṣírò gbogbo owó tó yẹ kí ẹ gbà títí dé ìparí, yóò sọ ọ́ di owó òní pẹ̀lú ìwọ̀n èrè bọ́ǹdì ìjọba àti èlé díẹ̀ lórí rẹ̀, yóò sì san àpapọ̀ rẹ̀. Bí èlé ọjà bá ṣe ń wálẹ̀ tó ni iye tí yóò san ń ga sí i, nítorí náà kò sábà rọrùn fún un láti fi irú àṣẹ yìí rẹ́ ẹni tó ra bọ́ǹdì náà jẹ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò YTC. Àmọ́ ẹ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ bọ́ǹdì ilé-iṣẹ́ ló ní irú àṣẹ yìí, tí wọ́n sì tún fi kún un pé ní oṣù díẹ̀ tó ṣáájú ìparí, wọ́n lè pè é ní 100 lásán.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fọwọ́ ṣe ìṣirò kékeré kan

Kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà, ìṣirò yìí yóò fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn yín láàárín ìṣẹ́jú kan:

```
(C + (R - P) / n) / ((R + P) / 2)
```

C ni èlé ọdún kan, R ni iye tí wọn yóò dá padà, P ni iye tí ẹ rà á, n sì ni iye ọdún. Ohun tó ń ṣe kò le: ó mú èlé ọdún kan, ó yọ ìpín ọdún kan nínú àlékún tí ẹ san kúrò lára rẹ̀, ó sì fi àárín iye tí ẹ rà á àti iye tí wọn yóò dá padà pín in.

Bó bá dé ọjọ́ ìparí, 10 tí ẹ san lé 100 yóò pín sí ọdún 10, ìyẹn 1 lọ́dún. 8 dín 1 jẹ́ 7. Ẹ fi 105 pín in, yóò jẹ́ 6.67%. Bí wọ́n bá pè é lẹ́yìn ọdún 3 ní 102, 8 ni ẹ ó pàdánù láàárín 110 àti 102, ọdún 3 péré ló sì wà láti pín in sí. Ìyẹn 2.67 lọ́dún. 8 dín 2.67 jẹ́ 5.33, ẹ fi 106 pín in, 5.03% ló kù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ti gidi

Nínú Excel tàbí irú ètò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ó pè ni RATE. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí èlé yóò wọlé, ìkejì ni èlé ẹ̀ẹ̀kan, ìkẹta ni iye tí ẹ san, èyí tó ní àmì ìyọkúrò torí owó ń jáde lápò yín, ìkẹrin sì ni iye tó ń padà bọ̀.

```
=2*RATE(20,4,-110,100)
=2*RATE(6,4,-110,102)
```

Ìlà kìíní yóò fún yín ní 6.62%, ìlà kejì ní 5.00%. A fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí pé RATE ń fúnni ní èrè oṣù mẹ́fà, àṣà ọjà bọ́ǹdì tó ń san èlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún sì ni láti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ìṣirò ọwọ́ wa kò jìnnà sí i rárá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí jẹ́ méjì. Àwọn kan máa ń yí iye ìgbà padà sí 6, wọn a sì gbàgbé láti yí 100 padà sí 102, èyí tí yóò jẹ́ kí YTC kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn mìíràn máa ń fi ọdún 3 síbi tó yẹ kí 6 wà nígbà tí èlé ṣì jẹ́ 4, nọ́ńbà tó bá sì jáde kò ní jọ ohunkóhun tó mọ́gbọ́n dání. Bí YTC yín bá jìnnà sí ti ìṣirò ọwọ́ ju nǹkan bí 0.1% lọ, ẹ yẹ ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ wò.

RATE gbà pé ọjọ́ èlé gan-an lẹ ra bọ́ǹdì náà. Bó bá jẹ́ àárín ni, ẹ lo YIELD, kí ẹ fi ọjọ́ ìpèpadà sí àyè `maturity`, kí ẹ sì fi 102 sí àyè `redemption`. Iye tí ẹ ó fi sí àyè `pr` kò gbọ́dọ̀ ní èlé tó ti ń jọ láti ọjọ́ èlé tó kọjá nínú. Ẹ ó san èlé yẹn fún ẹni tó tà á fún yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò náà ti ń ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo ibi tí owó náà wọlé sí

Ìyàtọ̀ láàárín 6.62% àti 5.00% máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, pàápàá bí èlé tó ń wọlé kò ṣe yí padà. Lọ́nà méjèèjì, 4 náà ló ń wọlé ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Àlékún tí ẹ san ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ san 110 fún ohun tí yóò dá 100 padà, ẹ ti san 10 ṣáájú láti gba èlé tó ju ti ọjà lọ fún ọdún púpọ̀. Ó dà bí ẹni tó san àsansílẹ̀ owó ilé ọdún mẹ́wàá: bí wọ́n bá lé e jáde ní ọdún kẹta, owó ọdún méje ló bọ́ sọ́nù. Lójú ìṣirò YTM, àlékún yẹn ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì yára rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí bọ́ǹdì yìí bá ń mú èrè 6.62% wá lóòótọ́, iye rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 3 yẹ kó ṣì jẹ́ 107.65. Nínú 10 yẹn, 2.35 péré ló yẹ kó ti lọ. Ẹni tó yáwó wá pè é, ó fún yín ní 102. Láàárín ohun tí YTM ń retí àti ohun tó dé ọwọ́ yín, 5.65 ti sọnù lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ lè yẹ èyí wò nínú kọ̀ǹpútà nípa ṣíṣírò iye owó òní èlé 14 tó kù àti 100 ìparí pẹ̀lú èrè 3.3085% fún oṣù mẹ́fà. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí ju àwọn tó kù lọ, torí owó tí wọ́n mú lọ ló ń fi hàn, a kò sì nílò láti fi ìwọ̀n kan wé òmíràn kó tó yé wa.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣírò gbogbo ọjọ́, kí ẹ mú èyí tó kéré jù

Ìgbésẹ̀ yìí ni wọ́n sábà máa ń fò. Wọn a ní, níwọ̀n ìgbà tí a ti rà á ju iye ojú rẹ̀ lọ, ọjọ́ ìpèpadà àkọ́kọ́ ló burú jù, kò sí ohun tí a tún ń ṣírò. Fún bọ́ǹdì wa ní 110, ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́:

Lẹ́yìn ọdún 3, ní 102: 5.00%
Lẹ́yìn ọdún 4, ní 101: 5.41%
Lẹ́yìn ọdún 5, ní 100: 5.67%
Ọjọ́ ìparí, ọdún 10, ní 100: 6.62%

Ẹ wá jẹ́ ká gbà pé bọ́ǹdì yìí kan náà, pẹ̀lú tábìlì kan náà, ń lọ ní 102 dípò 110. Ó ṣì ju iye ojú rẹ̀ lọ. Ẹ tún un ṣírò:

Lẹ́yìn ọdún 3, ní 102: 7.84%
Lẹ́yìn ọdún 4, ní 101: 7.63%
Lẹ́yìn ọdún 5, ní 100: 7.51%
Ọjọ́ ìparí, ọdún 10, ní 100: 7.71%

Ọjọ́ ìpèpadà àkọ́kọ́ ló wá mú èrè tó ga jù wá, ó ga ju ti ìparí pàápàá lọ. Èyí tó kéré jù wà láàárín, ní ọdún 5. Ìdí rẹ̀ ni pé 102 tí ẹ san náà ni wọn yóò dá padà ní ọdún 3, ẹ kò pàdánù kọ́bọ̀ nínú àlékún. Ní ọdún 5, 2 yóò ti lọ, ọdún 5 nìkan ló sì wà láti pín in sí. Ní ọdún 10, 2 yẹn kan náà ti rí ọdún púpọ̀ láti tàn ká.

Nítorí náà, iye tí ẹ san gbọ́dọ̀ dojú kọ owó ìpèpadà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan; fífi í wé 100 nìkan kò tó. Níbi tí owó ìpèpadà ti ń wálẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ẹ máa fura sí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá já sí 100. Èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn ni wọ́n ń kọ sójú ẹ̀rọ ní YTW. Òun ni kí ẹ fi wé bọ́ǹdì mìíràn. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ èyíkéyìí ni wọ́n lè pè é lẹ́yìn ọdún 3, ẹ ṣírò ọjọ́ tí owó kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, torí níbi tí ẹ bá ti san ju owó ìpèpadà lọ, ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà ló ń burú jù fún yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ bọ́ sí ipò ẹni tó yáwó

YTW ń sọ ohun tó kéré jù tí ẹ lè jẹ bí ẹni tó yáwó bá ń san gbèsè rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò sọ bóyá wọn yóò pè é. Láti mọ ìyẹn, ẹ bi ara yín léèrè pé èló ni ẹni náà lè fi yá owó tuntun lónìí.

Ká ní, nígbà tí ọdún 3 bá pé, ó lè yáwó ọdún 7 ní 5.5%. Èlé tí yóò máa dín kù lórí 100 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.5 lọ́dún, fún ọdún 7. Ohun tí yóò san láti fi bọ́ lọ́wọ́ bọ́ǹdì àtijọ́ jẹ́ 2, ìyẹn 102 dín 100, lẹ́ẹ̀kan péré, àti owó iṣẹ́ fún gbígbé bọ́ǹdì tuntun jáde. Kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 7.8% ni ọjà ń bi í, 0.2 lọ́dún ni yóò jèrè, ìyẹn 1.4 péré ní ọdún 7, tí kò tó 2 yẹn bí a bá tilẹ̀ gbé owó iṣẹ́ tì sápá kan. Yóò dúró de ọdún 5 kí owó ìpèpadà já sí 100, kó tún wo ọjà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Owó 110 tí ọjà ń san fún bọ́ǹdì yìí fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀rí pé 8% ti wọ́n jù fún ẹni tó yáwó. Bí owó bọ́ǹdì bá ṣe ga ju owó ìpèpadà lọ tó ni ìfẹ́ rẹ̀ láti pè é ṣe ń le tó. Ohun tó lè dá a dúró ni pé kò rí owó tuntun yá, bóyá nítorí pé ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ayánilówó nínú rẹ̀ ti dín kù. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ fún yín náà, torí bọ́ǹdì ẹni tí kò rówó yá mọ́ kì í dúró ní 110.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi í wé bọ́ǹdì tí kò ṣeé pè padà

Bí 5.00% fún ọdún 3 bá ni ohun tí ẹ ń retí, ẹ wo èló ni bọ́ǹdì ọdún 3 tí wọn kò lè pè padà ń mú wá lọ́dọ̀ ẹni kan náà tàbí ẹni tí ipò rẹ̀ jọ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ 5.2%, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 4.9%, 0.1 tó kù kéré jọjọ sí ewu tó wà nídìí rẹ̀.

Ewu náà kò dọ́gba sí ìhà méjèèjì. Ká ní ọdún 3 pé, tí èlé ọjà fún ọdún 7 sì jẹ́ 5%. Bọ́ǹdì 8% tí kò ṣeé pè padà ìbá ti níye lórí tó 117.54 lọ́jọ́ náà. Tiyín, wọ́n pè é, 102 ni ẹ gbà, ẹ sì ní láti lọ fi ya ẹlòmíràn ní 5%. Ká tún ní èlé ọjà gòkè dé 9%. Kò sẹ́ni tí yóò pè é, iye rẹ̀ yóò já sí 94.89, ẹ ó sì jókòó tì í fún ọdún 7 sí i. Bó bá dára, wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín. Bó bá burú, tiyín ni. Owó tí ọjà ń dín kù lórí irú bọ́ǹdì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó láti san fún àìdọ́gba yìí.

Bọ́ǹdì tí ọjọ́ ìpèpadà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé tún nílò ìfura tirẹ̀. Ká ní ó ku oṣù mẹ́fà kí wọ́n lè pè é ní 102, tí ẹni kan sì ń tà á fún yín ní 107. 4 ti èlé àti 102 jẹ́ 106. Ẹ san 107, ẹ gba 106: YTC rẹ̀ jẹ́ 1.87% sísàlẹ̀ òdo, bí YTM tó wà lójú ẹ̀rọ tilẹ̀ ń tàn yanran. Wọ́n ń ta irú rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì wo YTM nìkan kò ní rí i.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ yí ìṣirò náà padà di iye tí ẹ lè san

Nígbà tí ẹ bá ti mọ èrè tí ẹ kò fẹ́ gbà sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sọ iye tó ga jù tí ẹ lè san. Ká ní 5.5% ni ẹ fẹ́:

```
=-PV(0.055/2,6,4,102)
=-PV(0.055/2,8,4,101)
=-PV(0.055/2,10,4,100)
=-PV(0.055/2,20,4,100)
```

Ìlà kìíní yóò mú 108.53 wá, ìkejì 109.67, ìkẹta 110.80. Ti ọjọ́ ìparí ga jù wọ́n lọ. Èyí tó kéré jù ni ẹ ó mú, nítorí náà àṣẹ tí ẹ ó fún alágbàtà ni pé kó má rà á ju 108.50 lọ, láìka èlé tó ti ń jọ mọ́ ọn. Bí ọjà bá kọ̀ láti kúrò ní 110, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.